Kí ló dé tí ohùn olórin fi ń wúwo bó bá fi máìkì lé ètè?

Ẹ wo olórin kan níbi ìnáwó ní Igbogila, lọ́dọ̀ àwa ará Yewa. Abẹ́ kánópì la wà, sípíkà dúró lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó ń kí àlejò, ó mú máìkì jìnnà sẹ́nu díẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì ń yé wa. Ìgbà tó wọ inú orin gan-an, ó fi máìkì lé ètè, ohùn rẹ̀ bá nípọn lójijì bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú àmù. Àwọn kan á ní sípíkà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Inú máìkì lọ́rọ̀ wà.

Òótọ́ ni pé gbogbo ohùn ló ń ròkè sí i bí ẹnu bá sún mọ́ máìkì. Ṣùgbọ́n béèsì máa ń ròkè ju ìyókù lọ, òun ló ń yí ohùn padà.

Máìkì dàínámíìkì ni ọ̀pọ̀ olórin ń lò. Shure SM58, tó jáde ní 1966, wà lára èyí táyé mọ̀ jù. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lórí rẹ̀ bí awọ ìlù. Wáyà tí wọ́n ká wà lẹ́yìn awọ náà, òòfà sì yí i ká. Bí ohùn bá mi awọ, wáyà á mì pẹ̀lú rẹ̀, iná kékeré á jáde lọ sí míkísà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹ̀yìn awọ yìí ò dí pa. Ihò wà níbẹ̀. Ohùn kan náà tó ti awọ láti iwájú á tún yí gba ẹ̀yìn wọlé, á tì í padà. Ìyàtọ̀ àárín títì méjèèjì ló ń mi awọ. Torí ẹ̀ ni máìkì náà kì í fi í gbọ́ ìlù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó bó ṣe ń gbọ́ olórin.

Ọ̀nà méjì ni ìyàtọ̀ yẹn ń gbà wá. Àkọ́kọ́ ni ìpẹ́. Ká ní ohùn máa rin sẹ̀ǹtímítà 2 sí i kó tó dé ẹ̀yìn awọ. Ìgbì ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 11, nítorí náà 2 kì í ṣe kékeré lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbì béèsì tó ń gbọ̀n nígbà 100 gùn ju mítà 3 lọ! Iwájú àti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á pọ̀, ìyàtọ̀ ò sì tó nǹkan. Àwọn tó ń ṣe máìkì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n wá tún awọ náà ṣe kó lè ran béèsì lọ́wọ́.

Ọ̀nà kejì ni pé ohùn máa ń rọlẹ̀ bó ṣe ń jìnnà sí ẹnu. Bí ẹnu bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 60 síwájú awọ, ẹ̀yìn á wà ní 62, wọn ò yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ̀yìn á wà ní 4, ìdajì ohùn péré ló máa dé ibẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, kò sì bìkítà bóyá ìgbì gùn tàbí ó kúrú. Béèsì náà rí tirẹ̀ gbà, ó sì tún ní ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ti ṣe fún un tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń kún àkúnwọ́sílẹ̀. Iléeṣẹ́ Shure kọ ọ́ pé, ní nǹkan bíi mìlímítà 6 sí ẹnu, béèsì SM58 nísàlẹ̀ 100 ń fi dẹ́síbẹ̀lì 6 sí 10 lé sí i. Mẹ́fà nìkan ti sọ iná tó ń jáde di ìlọ́po méjì.

Ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ nítòsí 100 yẹn, ti obìnrin sábà máa ń wà nítòsí 200, ìdí nìyẹn tó fi ń hàn lára ọkùnrin jù. Àmì ohùn Yorùbá ò ní yí padà ṣá: igbá ò ní di ìgbà. Ohun tó ń sọnù ni “s,” “ṣ,” “f” àti “t,” tí wọ́n wà lókè, tí béèsì á bò mọ́lẹ̀. A ó gbọ́ orin, a ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ má fi í pe atẹ́gùn ẹnu tó ń lu máìkì gbì lórí “b” o. Fóòmù lè gba ìyẹn, kò lè gba èyí. Láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀, kí olórin ka ení, èjì, ẹ̀ta nígbà tí máìkì wà ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí ẹnu, kó sì tún un kà ní ètè. Bí ohùn bá mọ́ nígbà tó bá fà sẹ́yìn, ìsúnmọ́ ló fà á.

Ẹ lè tẹ bọ́tìnì 80 Hz lórí míkísà, kí ẹ sì yí LOW sílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi kan ni bọ́tìnì ń dúró sí, ẹnu olórin ò sì ń dúró. Bó bá fà sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ á di tín-ín-rín. Nítorí náà, ó sàn kí olórin fi nǹkan bí ìka mẹ́rin sáàárín ẹnu àti máìkì, kó má sì kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì ńkọ́? Ihò ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ń dí. Máìkì á wá máa gbọ́ níbi gbogbo, àti sípíkà fúnra rẹ̀, ariwo “fííì” á sì gba gbogbo àgbàlá.