Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Ní Dá Ìjà Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà: Fún Àwọn Tó Ń Gbowó Nígbà Tí Ọjà Bá Délé

Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ yìí, irú rẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń tajà lórí fóònù:

“Ọjà yín ń bọ̀ lónìí. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦17,300 pẹ̀lú owó ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ṣéńjì sílẹ̀.”

Ṣé owó ọkọ̀ ti wà nínú ₦17,300 ni, àbí wọ́n á san án lọ́tọ̀? Oníbàárà gbà pé ó ti wà níbẹ̀. Ẹni tó gbé ọjà wá ń béèrè ₦18,800. Iye kan ṣoṣo tó máa gbà lọ́wọ́ oníbàárà ni kí ẹ kọ.

Ọ̀rọ̀ ṣéńjì ló ń fa wàhálà jù. Bí oníbàárà bá mú ₦20,000 jáde, ₦1,200 ló yẹ kó gbà padà, ₦200 yẹn ló sì máa ń ṣòro láti rí. Owó oníbàárà ni, kì í ṣe ẹ̀bùn fún ọlọ́kadà. Ẹ sọ ẹni tó máa mú ṣéńjì wá, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí kò bá pé.

Kí rìsíìtì sọ iye ọjà, iye tí oníbàárà mú jáde àti iye ṣéńjì tó gbà. Bí ₦18,800 nìkan bá wà níbẹ̀, tí ₦200 ṣì kù nílẹ̀, ẹ̀rí wo ni oníbàárà máa fi béèrè rẹ̀ lọ́la?

Nígbà mìíràn, oníbàárà á ní òun fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì. Báǹkì lè yọ owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó má tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn kan sì ń fi alẹ́ẹ̀tì ayédèrú han èèyàn. Àkáǹtì tiyín ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí owó bá há sọ́nà, kí oníbàárà fún báǹkì rẹ̀ ní Session ID tó wà lórí rìsíìtì báǹkì, nọ́ńbà 30 ni. Òun ni wọ́n fi ń tọpa owó.

Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Ọjà yín máa dé lọ́la láàárín aago 10 sí 1. Gbogbo owó tí ẹ máa san jẹ́ ₦18,800, owó ọkọ̀ ti wà níbẹ̀. Ṣéńjì ₦1,200 wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e bọ̀. Bí kò bá pé, a máa fi ìyókù ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ gba rìsíìtì kí ó tó lọ. Bí ẹ bá fi báǹkì san án tí owó kò wọlé láàárín ìṣẹ́jú 15, ọjà á padà sọ́dọ̀ wa. Bí owó náà bá wọlé lẹ́yìn náà, a máa tún gbé ọjà wá láìgba owó ọkọ̀ kejì. Bí ẹ bá ti san owó ọwọ́, a máa dá ti báǹkì padà lọ́jọ́ tó bá wọlé.”

Ẹ fi ẹ̀dà kan náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbé ọjà lọ, kí ohun tó máa sọ lẹ́nu ọ̀nà má yàtọ̀ sí èyí tí oníbàárà ti kà.