Ohun Tí Ọ̀gá Ìrajà Ń Wá Lójú-ìwé Rẹ

Ọdún 11 gbáko ni mo fi ra nǹkan fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, láti orí ọṣẹ ìfọlẹ̀ títí dé orí jẹnẹrétọ̀. Àwọn ará ilé gbà pé ẹni tó bá wà nídìí ìrajà, owó ló ń ná. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ọ́dítọ̀ kì í jẹ́ ká sùn. Iṣẹ́ lè ti parí láti ọdún méjì, ọ́dítọ̀ á kàn ṣí fáìlì lọ́jọ́ kan, á fi bírò kan orúkọ fẹ́ńdọ̀, á ní: “Màdáámù, báwo lẹ ṣe mọ ẹni yìí?” Bí mo bá lọ sọ pé wọ́n gbajúmọ̀ lórí Instagram, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn.

Ìbéèrè ọ́dítọ̀ yìí ni mo rántí nígbà tí ọmọ ìyá mi kékeré wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Iṣẹ́ kóòdù-rúùmù ló ń ṣe, àwọn yàrá ńlá tí ilé-iṣẹ́ ń kó ẹja, ẹran àti áísikirimù sí kó lè dì gbagidi. Ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi wo ojú-ìwé wa. Ojoojúmọ́ la ń gbé nǹkan síbẹ̀. Àwọn èèyàn ń tẹ láìkì, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńlá kan ò pè wá rí.”

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ kú oṣù tuntun” wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyànjú ọjọ́ Ajé wà níbẹ̀. Ayẹyẹ ọjọ́ ìbí awakọ̀ wọn náà kò gbẹ́yìn. Mo wá kan ọ̀kan tó jẹ mọ́ iṣẹ́: “Ògo ni fún Ọlọ́run! A tún ti parí iṣẹ́ mìíràn. Inú oníbàárà wa dùn. Àwa la mọ iṣẹ́ jù. Ẹ pè wá.” Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tó wọ ofọ́ọ̀lù na àtàńpàkò sókè nínú àwòrán. Láìkì 212 ló ní. Mo bi í pé ta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni, pẹ̀lú àwọn onífíríìjì ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ẹni tó ń rajà ṣe ń dé irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. A kì í sáábà fi Facebook tàbí LinkedIn wá ẹni tí yóò ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka tó nílò iṣẹ́ ló máa kọ̀wé sí wa, pé kóòdù-rúùmù kejì kò tutù mọ́. Òfin ilé-iṣẹ́ sì sọ pé a gbọ́dọ̀ gba ìwé iye owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ó kéré tán. A ó béèrè orúkọ lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ rí, a ó wo ìwé àkọsílẹ̀ wa àtijọ́. Nígbà tí orúkọ márùn-ún tàbí mẹ́fà bá ti wà nílẹ̀ ni mo tó ń tẹ̀ wọ́n sórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí ẹnì kan. Ohun tí mò ń wá ni ìdí tí mo fi lè yọ ọ́ kúrò, tàbí ìdí tí mo fi lè fi í sílẹ̀ kí ọ̀gá mi má bàa bi mí ní ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn. Ìyẹn ni pé a ti gbọ́ orúkọ rẹ ká tó dé ojú-ìwé rẹ. Àyẹ̀wò la wá ṣe.

Mo ní kí ọmọ yìí jókòó, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ tó ń dúpẹ́ lé lórí fún mi. Ilé-iṣẹ́ áísikirimù kan ní Ọ̀tà ni. Ó yẹ kí yàrá wọn wà ní -18°C, ṣùgbọ́n -9°C ló dúró sí, ọjà sì ń rọ̀. Onífíríìjì méjì ti wá ṣáájú wọn. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ ni pé gáàsì ti tán, wọ́n bu gáàsì sí i, wọ́n gbowó, wọ́n lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó tún padà sí -9°C.

“Kí lẹ̀yin wá rí?”

“Gáàsì kọ́, Àǹtí. Rọ́bà etí ilẹ̀kùn ló ti jẹ, afẹ́fẹ́ ìta ń wọlé pẹ̀lú omi inú rẹ̀. Omi yẹn ń dì mọ́ irin tó ń fẹ́ òtútù sínú yàrá. Hítà kékeré kan wà tó yẹ kó máa yọ́ yìnyín náà kúrò ní wákàtí mélòó kan síra, hítà yẹn sì ti jó. Yìnyín wá dí irin náà pátápátá, afẹ́fẹ́ ò lè kọjá. Bí ẹ bá bu gáàsì àgbá mẹ́wàá sí i, kò ní tutù.”

Mo wò ó. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ báyìí ló lọ kọ “àwa la mọ iṣẹ́ jù” sójú-ìwé. Ìtàn tí ì bá fi gba iṣẹ́ wà ní ẹnu rẹ̀, ó sì fi àtàńpàkò bò ó mọ́lẹ̀.

A jọ tún un kọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi gbé e sórí LinkedIn, torí èdè tí wọ́n fi ń kọ fáìlì nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí:

“Kóòdù-rúùmù ilé-iṣẹ́ áísikirimù kan ní Ọ̀tà dúró sí -9°C dípò -18°C. Wọ́n ti bu gáàsì sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. A rí i pé hítà tó ń yọ́ yìnyín ti jó, rọ́bà ilẹ̀kùn sì ti jẹ, yìnyín wá dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. A kó ọjà sínú ọkọ̀ amóhun-tutù lálẹ́ Sátidé, a yọ́ yìnyín, a pààrọ̀ hítà àti rọ́bà, a sì dá yàrá náà padà nírọ̀lẹ́ Sunday. Ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ òtútù wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 72: láàárín -18°C àti -21°C ló wà. A padà lọ wò ó lọ́jọ́ 30 lẹ́yìn náà, kò yẹ̀. Ilẹ̀ yàrá náà ti gbó, ó ń jẹ́ kí òtútù díẹ̀ jáde. Èyí kò sí nínú iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n a ti kọ ọ́ fún oníbàárà.”

Lórí LinkedIn, ìlà bíi méjì sí mẹ́ta ló ń hàn kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ láti rí ìyókù. Ìdí nìyẹn tí ìṣòro fi ṣáájú, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀gá ìrajà tí kóòdù-rúùmù tirẹ̀ náà wà ní -9°C yóò dúró. “Ògo ni fún Ọlọ́run” kò lè dá a dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọlọ́run.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni ọmọ náà kọ́kọ́ fẹ́ ká yọ. Ó ní yóò bà wọ́n lójú jẹ́. Mo ní kò gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹni tó bá sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ, a máa ń gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Wákàtí 72 náà níṣẹ́ tó ń ṣe. Yàrá tó tutù fún wákàtí mẹ́ta kò tíì fi hàn pé hítà ń ṣiṣẹ́, nítorí yìnyín kò tíì ní àyè láti dì padà.

Kò sí orúkọ oníbàárà níbẹ̀. Bí kò bá sí ìwé àṣẹ lọ́wọ́ oníbàárà, má dárúkọ rẹ̀, má sì gbé àmì rẹ̀ síbẹ̀. Mo ti yọ fẹ́ńdọ̀ kan kúrò rí nítorí pé ó ya àwòrán yàrá iṣẹ́ ẹlòmíràn, pátákó tí wọ́n kọ iye ọjà tí wọ́n ń ṣe lójúmọ́ sí sì hàn kedere lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe ṣe tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe tèmi. “Ilé-iṣẹ́ áísikirimù ní Ọ̀tà” tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i yóò béèrè, oníbàárà tó ti gbà kí wọ́n pe òun yóò sì jẹ́rìí. Àwòrán kan ṣoṣo la lò: ojú ẹ̀rọ tó ń ka òtútù, tí ọjọ́ àti aago hàn lára rẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí ló kù. Ọmọ náà ti kọ ọ́ sójú-ìwé pé “a forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, a sì ní ISO.” Kò sí ohun tí mo lè fi gbólóhùn yẹn ṣe. Nọ́ńbà RC ni mo fẹ́, kí n lè lọ wò ó fúnra mi lórí ìkànnì CAC. Orúkọ tó wà lójú-ìwé wọn yàtọ̀ sí èyí tó wà ní CAC, orúkọ àpọ́nlé ni wọ́n ń lò. Bí orúkọ báńkì bá tún yàtọ̀, ẹ̀ka ìṣúnná kò ní sanwó. Ohun tó burú jù ni pé INACTIVE ni CAC kọ sí iwájú orúkọ wọn, torí wọn kò fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́. Ó ti lè pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń ríyẹn, tí wọ́n ń pa ojú-ìwé wọn dé láìsọ nǹkan kan.

Ní ti ISO, àjọ ISO fúnra rẹ̀ kì í fún ilé-iṣẹ́ kankan ní ìwé-ẹ̀rí. Àwọn àjọ ayẹ̀wò tó dá dúró ló ń fún wọn, ọdún mẹ́ta ló sì sábà máa ń lò. Kọ ohun tó jẹ́ gan-an: ISO 9001:2015, orúkọ àjọ tó fún ọ, nọ́ńbà ìwé náà àti ọjọ́ tí yóò parí. Ìwé tí ọmọ náà mú jáde ti parí láti oṣù mẹ́jọ. A yọ ọ́ kúrò lójú-ìwé lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba tún ní ẹrù kan sí i. Òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀ ti 2007 ní kí ẹni tó ń díje fi hàn pé òun ti san owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́. Ìwé owó orí ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa ń béèrè, ìwé PenCom sì ń parí lópin ọdún. Kọ ọ́ pé o ní wọn, kí o sì kọ ọdún wọn. Má ya àwòrán ìwé náà síta o! Àwọn gbájúẹ̀ ń gé irú àwòrán bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi orúkọ rẹ gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè láti inú í-meèlì ilé-iṣẹ́.

Bí ọmọ náà ṣe ń dá ara rẹ̀ wò báyìí ti yàtọ̀. LinkedIn máa ń fi irú iṣẹ́ tí àwọn tó wo ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ ń ṣe han ẹni tó ni ín. Ibi tí wọ́n kọ Purchasing sí ló ń ṣọ́ lóṣooṣù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè é, ó máa ń bi í pé iṣẹ́ wo lẹ rí tẹ́ ẹ fi pè wá, á kọ ọ́ sínú ìwé.

Wọ́n ti san gbèsè ìròyìn CAC, wọ́n ti dá orúkọ padà sí èyí tí òfin mọ̀. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń kọ lóṣù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún, ilé-iṣẹ́ ẹja kan fi fọ́ọ̀mù fẹ́ńdọ̀ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì béèrè àkọsílẹ̀ wákàtí 72 náà. Láìkì 14 ni àtẹ̀jáde ọ̀hún ní.