Gbèsè tí ẹ ti san, tó ṣì wà lọ́rùn yín nínú ìwé

Ìyá kan san ₦20,000 tó yá lórí fóònù tán. Lọ́dún kejì, báńkì kọ̀ láti yá a lówó òwò. Ìwé ìtàn gbèsè rẹ̀ ló fà á: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ₦1,350 ṣì kù, wọ́n sì kọ "Lost" sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ayánilówó ti gbà pé owó náà kò ní wọlé mọ́. Gbèsè tó bá ti parí, "Closed" ló yẹ kó wà níwájú rẹ̀, kí iye tó kù sì jẹ́ òdo.

Ní Nàìjíríà, CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ló ń kó ìwé yìí jọ. BVN yín ni wọ́n fi ń dá yín mọ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ohun tó wà níbì kan lè má sí níbòmíràn.

Wọn kì í ṣàdédé pa nǹkan rẹ́ o. Ohun tí ayánilówó bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń kọ. Nítorí náà, ìyá yìí kọ̀wé sí ayánilówó, ó fi ẹ̀rí ìsanwó láti báńkì rẹ̀ tì í, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó kó ìwé náà jọ. Àṣé owó ìtanràn ni ₦1,350 yẹn, wọ́n fi kún un lẹ́yìn tó ti san tán. Wọ́n yọ ọ́.

Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ fẹjọ́ sun Báńkì Àpapọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ òótọ́ lẹ pẹ́ san, àkọsílẹ̀ yẹn kò ṣeé yọ.