3 ni àbí 12? Bí a ṣe ń mọ iye tó dúró nínú ìbéèrè ìdánwò tí a fọwọ́ kọ

Bí ìdánwò ìparí táàmù bá ti ń sún mọ́lé, ìwé tí àwọn tíṣà fọwọ́ kọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ síwájú ẹni tó ń bá ilé ẹ̀kọ́ tàìpù. Ti ìtàn tàbí ti èdè kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu, nítorí bí ọ̀rọ̀ kan kò bá ṣeé kà, ìyókù gbólóhùn á tú u fó. Ti fíísíìsì ni wàhálà máa ń wà. Tíṣà á kọ iye kan, á rí i pé ìṣirò rẹ̀ kò já gaara, á fa igi lé e, á kọ òmíràn sókè rẹ̀. Bí ìyẹn náà kò bá tún tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè pa á rẹ́ kó padà sí ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ìwé náà bá fi máa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ló mọ ohun tó dúró, bí òun náà bá ṣì rántí.

Ẹ jẹ́ ká wo ìbéèrè kan báyìí lórí iná mànàmáná. Bátìrì kan wà níbẹ̀ àti rẹsísítọ̀ mẹ́ta, ìyẹn àwọn ohun tó máa ń dín ìṣàn iná kù. Iná jáde láti inú bátìrì, ó gba inú R₁ kọjá, ọ̀nà wá pín sí méjì: apá kan gba R₂, apá kejì gba R₃, kí wọ́n tó pàdé kí wọ́n sì padà sínú bátìrì. R₁ jẹ́ 4 Ω, R₂ jẹ́ 6 Ω, méjèèjì sì hàn kedere. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, tíṣà ti kọ 9 V, ó fa igi kan ṣoṣo la àárín rẹ̀ kọjá, ó sì kọ 12 V sókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ R₃, 3 àti 12 jọ dúró ni, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì fara kan àwọn méjèèjì. Èèyàn kò lè mọ̀ bóyá igi ìparẹ́ ni tàbí ìlà àwòrán tó ṣèèṣì gùn jù.

Lábẹ́ àwòrán, apá (a) ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé ìṣàn tó jáde láti inú bátìrì jẹ́ 1.5 A. Apá (b) sọ pé I kan jẹ́ 0.5 A, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ I náà ti dàrú mọ́ bírò, ó lè jẹ́ 2, ó sì lè jẹ́ 3. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ lẹ́tà yìí kì í ṣe iye rárá, orúkọ ni. I₂ ni ìṣàn tó gba inú R₂, I₃ ni èyí tó gba inú R₃. Ẹni tí kò bá mọ èyí á tẹ R2 gẹ́gẹ́ bíi pé R lọ́nà méjì ni, tàbí kó tẹ I₁ bíi 11, torí pé lábẹ́ bírò tó ń yára, àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí èèyàn lọ́kàn ni pé kí ó ṣe ìṣirò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ká ní R₃ jẹ́ 12. Nígbà tí ọ̀nà bá pín sí méjì, a máa ń sọ iye méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, a ó sì fi àpapọ̀ wọn pín in: 6 × 12 = 72, 72 ÷ 18 = 4. Fi 4 ti R₁ kún un, ó di 8 Ω. Bátìrì 12 V, 12 ÷ 8 = 1.5 A. Ó bá apá (a) mu rẹ́gí. Ká wá ní R₃ jẹ́ 3: 18 ÷ 9 = 2, pẹ̀lú 4 ó di 6 Ω, 12 ÷ 6 sì jẹ́ 2 A. Kò bá a mu. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró síbẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí, 12 ni.

Kò tíì parí. Ẹ fi 9 V àtijọ́ yẹn padà sí ìdí 3 Ω kí ẹ wò ó: 9 ÷ 6 = 1.5 A. Òun náà bá apá (a) mu rẹ́gí! Bí tíṣà ṣe kọ ìbéèrè náà ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú 9 àti 3. Nígbà tó fẹ́ yí i padà kí ó má bàa jọ ti ọdún tó kọjá, ó wá iye méjì mìíràn tí kò ní da ìdáhùn rẹ̀ rú. Àwọn tíṣà fíísíìsì fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀, mi ò sì bá wọn wí, torí kò sí ẹni tó fẹ́ tún máàkì gáìdì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà ìbéèrè méjì ló wà nínú ìwé kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì pé. Nínú ti àtijọ́, 9 ń bá 3 lọ, I₂ ló sì jẹ́ 0.5 A, nítorí R₂ ló nípọn jù níbẹ̀, ìṣàn díẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Nínú ti tuntun, 12 V ń bá 12 Ω lọ, I₃ ló jẹ́ 0.5 A, I₂ sì di 1.0 A. Bí a bá mú ọ̀kan láti inú èyí, tí a mú òmíràn láti inú ìyẹn, ó máa bàjẹ́. 12 V pẹ̀lú 3 Ω fún wa ní 2 A, 9 V pẹ̀lú 12 Ω sì fún wa ní 1.125 A.

Ìṣirò kò lè sọ fún wa èwo nínú méjèèjì ni tíṣà fẹ́. Àwọn tí ó jọ ń rìn pọ̀ ló lè sọ. Igi tí a fà lé 9 ló máa dá ẹjọ́ náà, nítorí òun nìkan ni àmì tí kò lè ní ìtumọ̀ méjì nínú gbogbo ìwé yẹn. Bí a bá ti mọ̀ pé 9 ti kú, 3 ti bá a lọ, ẹsẹ̀ I tó dàrú sì ti di 3. Ohun tó hàn kedere ni ká fi bẹ̀rẹ̀, ká wá jẹ́ kí ìṣirò gbé wa dé ibi tó ṣókùnkùn.

Máàkì gáìdì náà lè ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìlà rẹ̀. Ká ní ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé agbára tí R₁ ń ná jẹ́ 9 W. Kò wúlò, torí 1.5 × 1.5 × 4 jẹ́ 9 nínú ìbéèrè méjèèjì. Ti R₃ náà kò wúlò: 1 × 1 × 3 jẹ́ 3 W nínú ti àtijọ́, 0.5 × 0.5 × 12 sì tún jẹ́ 3 W nínú ti tuntun. Ti R₂ ló máa tú àṣírí, nítorí 1.5 W ni nínú ti àtijọ́, ó sì di 6 W nínú ti tuntun. Kí a tó gbára lé ìlà kan nínú gáìdì, ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè yàtọ̀ rárá. Ká sì rántí pé tíṣà lè ti yí ìbéèrè padà kó gbàgbé gáìdì sẹ́yìn. Bí igi orí 9 bá hàn kedere, tí gáìdì sì ń sọ 1.5 W fún R₂, gáìdì ló gbó.

Bí tíṣà bá ṣeé rí, kí a bi í. Ọ̀nà tí a gbà bi í ló ṣe pàtàkì. Bí tàìpíìsì bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé 12 ni R₃ yìí?", ẹni tó ń sáré lọ sí kíláàsì á ní bẹ́ẹ̀ ni láì wo ìwé. Ó sàn kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mélòó ni R₃, mélòó sì ni bátìrì?" Ìdáhùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá ní 3 ni R₃, tí ó sì ní 12 ni bátìrì, kí wọ́n má tíì tẹ̀ ẹ́. Kí ó jókòó, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún àwòrán náà yà sórí ìwé tó mọ́, kí ó sì dáhùn apá (a) fúnra rẹ̀ kí ó tó gbé e padà.