Ọgbọ́n Ìpele: Bí A Ṣe Ń Yára Mọ Omi Tó Pọ̀ Jù Tí Páìpù Lè Gbé

Ọ̀rọ̀ wa ti òní gba bébà àti lẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí kò bá ní wọn nítòsí lè fi igi fa ìlà sílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ yà kò pọ̀.

Ká sọ pé omi ń jáde láti orísun kan, ó sì ń gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù lọ sí ọjà. Àwọn páìpù náà ń pàdé ní oríta. Apá kan ṣoṣo ni omi ń ṣàn sí nínú páìpù kọ̀ọ̀kan, iye garawa tí páìpù kọ̀ọ̀kan lè gbé ní ìṣẹ́jú kan sì ní òdiwọ̀n. Omi kì í dúró sí oríta: iye tó wọlé ni iye tó gbọ́dọ̀ jáde. Ìbéèrè wa nìyí: garawa mélòó ló pọ̀ jù tó lè dé ọjà ní ìṣẹ́jú kan?

Kì í ṣe omi nìkan ni ìbéèrè yìí kàn. Ní 1955, T. E. Harris àti F. S. Ross kọ ìwé àṣírí kan ní Amẹ́ríkà nípa ojú irin ilẹ̀ Sófíẹ̀tì. Wọ́n fi oríta 44 àti ọ̀nà 105 ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì wá iye ẹrù tó pọ̀ jù tí ọkọ̀ ojú irin lè kó lọ sí Ìlà-Oòrùn Yúróòpù, àti ibi tí a lè gé ojú irin náà kí ẹrù má baà lè kọjá. Ó di 1999 kí ìwé náà tó jáde kúrò nínú àṣírí. Ìbéèrè yìí ló dé ọ̀dọ̀ L. R. Ford àti D. R. Fulkerson, tí wọ́n tẹ èsì wọn jáde ní 1956.

Èsì wọn rọrùn. Wá ọ̀nà kan láti orísun dé ọjà tí àyè ṣì wà nínú gbogbo páìpù rẹ̀. Rán iye omi tí páìpù tó kéré jù lójú ọ̀nà náà lè gbà. Kọ àyè tó kù sílẹ̀, kí o sì tún wá ọ̀nà mìíràn. Ìgbà tí o kò bá rí ọ̀nà mọ́, iṣẹ́ parí.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ ìyè-inú níbẹ̀. Bí o bá ti rán garawa 3 láti A lọ sí B, a gbà ọ́ láyè láti rin ọ̀nà kan náà láti B padà sí A, títí dé garawa 3. Èyí kò túmọ̀ sí pé omi yóò máa ṣàn padà sẹ́yìn. Ó túmọ̀ sí pé o dín ohun tí o ti rán tẹ́lẹ̀ kù, o sì darí rẹ̀ gba ibòmíràn. Láìsí ọ̀nà ìpadà yìí, àṣìṣe tí o ṣe ní àkọ́kọ́ kò ní àtúnṣe.

Ẹ wá wo ibi tí wàhálà wà. Ẹ ya orísun, oríta A, oríta B àti ọjà. Páìpù kan lọ láti orísun sí A, òmíràn láti orísun sí B, òmíràn láti A sí ọjà, òmíràn láti B sí ọjà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gbé garawa 1,000. Ẹ wá fi páìpù tínínrín kan sí i láti A lọ sí B, tí kò lè gbé ju garawa 1 lọ.

Ojú ti rí i pé 2,000 garawa ni yóò dé ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mú ọ̀nà tó bá ṣáà rí lè kọ́kọ́ gba orísun, A, B, ọjà. Garawa 1 péré ló rán, nítorí páìpù tínínrín àárín. Ní ẹ̀ẹ̀kejì ó gba orísun, B, ó rin ìpadà sí A, ó sì dé ọjà: garawa 1 mìíràn. Páìpù àárín ṣófo padà, ó sì tún lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ìrìn 2,000 ni yóò rìn kó tó parí ohun tí ìrìn 2 ìbá parí.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni pé kí a máa mú ọ̀nà tí páìpù rẹ̀ kéré jù níye nígbà gbogbo. Jack Edmonds àti Richard Karp tẹ ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní 1972. Pẹ̀lú òfin yìí, ìrìn 2 péré ni àwòrán wa gbà. Ṣùgbọ́n ìnira kan ṣì kù. Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, a ó tún padà sí orísun, a ó tún wo gbogbo oríta káàkiri kí a tó rí ọ̀nà kan ṣoṣo, bí ẹni pé a kò débẹ̀ rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Mọsko, Yefim Dinitz, ti rí ọ̀nà àbáyọ. Iṣẹ́ ìdánrawò tí G. M. Adelson-Velsky, olùkọ́ rẹ̀, fún kíláàsì ló mú un dé ibẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Ohun tó sọ ni pé: bí a bá ti wo gbogbo oríta lẹ́ẹ̀kan, kí a má sọ ohun tí a rí nù.

Ìpele ni ọgbọ́n rẹ̀. Kọ 0 sí ara orísun. Kọ 1 sí ara gbogbo oríta tí páìpù kan péré gbé dé láti orísun, 2 sí ara èyí tí páìpù méjì gbé dé, bẹ́ẹ̀ ni títí dé ọjà. Lẹ́yìn náà, àwọn páìpù tó lọ láti ìpele kan sí ìpele tó tẹ̀lé e nìkan ni kí o fi sílẹ̀ nínú àwòrán. Èyí tó wà láàárín oríta méjì tí ìpele wọn dọ́gba, tàbí tó padà sẹ́yìn, kò sí níbẹ̀. Nínú àwòrán wa àkọ́kọ́, A àti B jọ wà ní ìpele 1, nítorí náà páìpù tínínrín yẹn kúrò fúnra rẹ̀.

Nínú àwòrán ìpele yìí, má ṣe rán omi gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Máa rán an títí tí gbogbo ọ̀nà inú rẹ̀ yóò fi ní páìpù kan, ó kéré tán, tó ti kún. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní ìṣàn adínà, nítorí ó ti dí gbogbo ọ̀nà ìpele náà. Bí o bá dé oríta kan tí kò sí ibi tí o lè gbà jáde mọ́, fi àmì sí i, má sì padà síbẹ̀ mọ́ nínú àwòrán yẹn.

Ẹ tún ya òmíràn kí á lè rí iṣẹ́ náà. Orísun sí A, garawa 7. Orísun sí B, 6. A sí D, 5. A sí E, 6. B sí E, 6. D sí ọjà, 9. E sí ọjà, 6.

Ìpele àkọ́kọ́ rọrùn: A àti B jẹ́ 1, D àti E jẹ́ 2, ọjà jẹ́ 3. Mo gba A, E, ọjà: garawa 6 kọjá, páìpù E sí ọjà sì kún. Mo gba A, D, ọjà: garawa 1 ló kọjá, nítorí 1 péré ló kù láti orísun sí A. Mo gba B dé E, E kò ní ibi tó ń lọ mọ́. Mo fi àmì sí E. B náà kò ní ọ̀nà mìíràn. Mo fi àmì sí i. Ìṣàn adínà nìyẹn, garawa 7.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á rò pé bí ọ̀nà ti dí, iṣẹ́ ti parí. Ọ̀nà ìpele yìí nìkan ló dí. Ká ní mo ti kọ́kọ́ gba D ni, ǹ bá rán ju 7 lọ. Ọ̀nà ìpadà ni yóò tún un ṣe.

Mo wá fún oríta ní ìpele tuntun, mo sì ka ọ̀nà ìpadà mọ́ ọn. Orísun sí A ti kún, nítorí náà B nìkan ni 1. E di 2. Láti E, mo lè rin ìpadà sí A, nítorí mo ti rán garawa 6 láti A sí E. A di 3. D di 4, ọjà di 5. Ọ̀nà kan ló wà: B, E, A, D, ọjà. Àyè tó kéré jù ni 4 tó kù láti A sí D. Mo rán 4, àpapọ̀ di 11. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé omi B gba ipò mẹ́rin lára omi A ní E, ti A sì yà sí D.

Mo tún fún wọn ní ìpele lẹ́ẹ̀kẹta. Mo dé B, E àti A, n kò lè dé D, n kò lè dé ọjà. Ó parí. Ẹ̀rí sì wà: páìpù tó jáde láti ibi tí mo lè dé lọ sí ibi tí n kò lè dé jẹ́ méjì, A sí D tó ń gbé 5 àti E sí ọjà tó ń gbé 6. Àwọn méjèèjì ti kún, 5 àti 6 sì jẹ́ 11. Kò sí ọgbọ́n tó lè mú ju 11 kọjá ẹnu ibodè yẹn. Irú ibodè báyìí ni Harris àti Ross ń wá lórí ojú irin.

Ẹ kíyè sí i pé ọjà wà ní ìpele 3 lákọ̀ọ́kọ́, ó sì di 5 lẹ́ẹ̀kejì. Àṣírí ìyára rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí gbogbo ọ̀nà kúkúrú bá ti dí, èyí tó kù gbọ́dọ̀ gùn jù wọ́n lọ. Ìpele ọjà ń ga sí i nígbà gbogbo, kò sì lè ga ju iye oríta lọ. Bí orísun, ọjà àti gbogbo oríta bá jẹ́ 100, ìgbà 99 ni àwòrán ìpele lè pọ̀ tó mọ. Bí páìpù bá jẹ́ 1,000 níbẹ̀, òdiwọ̀n tí ẹ̀rí fún ọgbọ́n ọ̀nà kúkúrú tó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwákiri 100,000. Lóòótọ́ iṣẹ́ inú àwòrán ìpele kan pọ̀ ju ti ìwákiri kan lọ, ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, òdiwọ̀n ti ìpele jẹ́ nǹkan bí ìdámẹ́wàá ti èkejì. Òdiwọ̀n òkè ni àwọn wọ̀nyí. Lójú iṣẹ́, méjèèjì sábà máa ń parí kíá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmì tí a ń fi sí oríta tó ti dí kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò ṣì rí èsì tó tọ́, ṣùgbọ́n yóò máa padà sí ibi kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún, ìyára tí ọgbọ́n náà ṣèlérí kò sì ní sí mọ́. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá ń pẹ́ jù lórí iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.

Kí á tó tún pàdé, ẹ padà sí àwòrán kejì, kí ẹ sọ páìpù A sí D di 8, kí ẹ sì ṣe é látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún kọ́kọ́ gba E. Bí èsì yín kò bá jẹ́ 13, ẹ wá ọ̀nà ìpadà tí ẹ gbàgbé. Ó dàárọ̀ o.