Ṣé o mọ̀ pé imú ni ọ̀wọ̀ ń gbà jáde nínú èdè Híńdì?

Ṣé o mọ̀ pé kò yẹ kí o pe ìyá ọ̀rẹ́ rẹ tó ń sọ Híńdì ní "Màmá"? Lẹ́nu tiwọn, "maamaa" ni arákùnrin ìyá ẹni. "Maamii", tó jọ "Màámi" tiwa bí ìbejì, tún wá jẹ́ ìyàwó maamaa yẹn. Bí o bá fi fọ́ìsì nóòtù kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ báyìí, á rẹ́rìn-ín, á mọ̀ pé àlejò ni ọ́, ṣùgbọ́n ipò ẹlòmíì lo gbé e sí.

"Aanti jii" ni kí o pè é, kí o sì pe bàbá ní "Ankal jii". Bẹ́ẹ̀ ni, Gẹ̀ẹ́sì tí àwa náà ń lò ládùúgbò ni, wọ́n kàn fi "jii" ti ọ̀wọ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ tiwọn fún àbúrò bàbá wà, "tṣaatṣaa", bẹ́ẹ̀ ni "taauu" wà fún ẹ̀gbọ́n bàbá. Ẹni tó bá lo èyíkéyìí ti díwọ̀n bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ bàbá tirẹ̀. "Ankal" kò bèèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Ṣé o mọ̀ pé "jii" nìkan kò tó? Ibí yìí gan-an ni àlejò ti máa ń kọsẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni Híńdì ní láti ba ẹni tó wà níwájú ẹni sọ̀rọ̀. "Tuu" wà fún Ọlọ́run, ọmọdé àti kòríkòsùn, ẹni tó ń bú èèyàn náà sì ń lò ó. "Tum" wà fún ẹgbẹ́ ẹni. "Aap" ni "ẹ" tiwa, òun ló sì yẹ òbí ọ̀rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe wa kò ṣe yí padà yálà a ní "o" tàbí "ẹ", tiwọn ń yí. "Aap kẹse hẹn?" ni "Ṣé dáadáa lẹ wà?" Wo ìparí rẹ̀: "hẹn", a gbé e gba imú, bí ìparí "ìyẹn". Bí o bá mú imú kúrò, ó di "hẹ", èyí tí a ń lò fún ẹyọ ẹnì kan tí a kò bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tó bá wá bi Aanti pé "Ankal jii kẹsaa hẹ?" ti fi "jii" bọ̀wọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó sì ti gbà á padà ní ìparí. "Ankal jii kẹse hẹn?" ló tọ́. Kódà nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Gandhi, bí ẹni pé ó pọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ní "wọ́n" fún àgbà kan ṣoṣo.

Lójú fóònù, hain ni wọ́n ń tẹ "hẹn", wọ́n ń tẹ hai fún "hẹ". Má ka n yẹn bí "ni" o. Etí Yorùbá kì í ṣi ìró yìí mú; ojú tó ń kàwé ló ń ṣì í.

Ṣé o mọ̀ pé Híńdì á bi ọ́ bóyá ọkùnrin ni ọ́ tàbí obìnrin? Gbọ́ ohun tí Bọ́lá, obìnrin, lè fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí Puujaa:

"Namaste Ankal jii, namaste Aanti jii. Mẹn Bọ́lá bol rahii hun, Puujaa kii dost. Aap donon kẹse hẹn? Puujaa bii tiik hẹ. Apnaa kyaal rakiyegaa."

Ó kí wọn, ó ní Bọ́lá ọ̀rẹ́ Puujaa ló ń sọ̀rọ̀, ó bèèrè àlàáfíà àwọn méjèèjì, ó ní ara Puujaa náà le, ó sì ní kí wọ́n tọ́jú ara wọn. Bí Bọ́lá bá jẹ́ ọkùnrin, "rahii" á di "rahaa", "kii" á di "kaa". Puujaa gba "hẹ" lásán nítorí ẹgbẹ́ ni. "Kẹse" bá bàbá nìkan mu, ó sì bá àwọn méjèèjì mu. Ìyá nìkan ni à ń bi ní "kẹsii". "Rakiyegaa" ìparí náà ni ti àgbà. "Rako" tí o gbọ́ nínú fíìmù, ti ẹgbẹ́ ni.

"Namaste" kò bá gbogbo ilé mu. Ilé Mùsùlùmí ń gba sálámà, ilé Síìkì ń gba "Sat Srii Akaal". Nínú ilé Híńdù tí àṣà ṣì múlẹ̀, "pranaam" wúwo jù ú lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ "tṣaran sparṣ" lórí fóònù, ìyẹn ni pé wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà, bí àwa náà ṣe ń ní "mo kúnlẹ̀ o, mà" láti orí àga.

Ṣé o mọ̀ pé èsì wọn lè kó ọ sí wàhálà? Aanti lè ní "Kuṣ raho, betaa", kí inú rẹ máa dùn, ọmọ mi. "Betaa" ni ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ṣìkẹ́ ọmọbìnrin náà. Ó lè wá fi kún un pé "Tum kẹsii ho?" Àgbà ló ni "tum" yẹn, má dá a padà fún un. "Mẹn tiik hun, Aanti jii. Aap kẹsii hẹn?" ni kí o fi dáhùn.