Wíwá Iṣẹ́ Mìíràn Láìjẹ́ Kí Ọ̀gá Gbọ́

Bí ọ̀gá bá gbọ́ pé òṣìṣẹ́ òun ń wá iṣẹ́ síbòmíràn, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ọ̀tá ló tú àṣírí náà. Ẹni tí òṣìṣẹ́ ọ̀hún bẹ̀ pé kó bá òun wá iṣẹ́ ló sábà máa ń sọ ọ́, kò sì ní ìkà nínú. Ó kàn bá ẹnìkan jókòó níbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ó ní, "Lágbájá ń wá ibòmíràn o, tẹ́ ẹ bá gbọ́ nǹkan kan." Kò mọ̀ pé iléeṣẹ́ kan náà ni ọkọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Etí ọba nílé, etí ọba lóko.

Ọ̀gá tó gbọ́ lè má sọ nǹkan kan. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yan ẹni tó máa lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọn á fo orúkọ ẹni náà. Bí àyè ìgbéga bá ṣí, wọn á ní kí ló dé tí a fẹ́ fi fún ẹni tó ti ń palẹ̀ mọ́. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń rọra wá ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó rí ibi tó ń lọ.

Síbẹ̀, ẹni tó bá di ẹnu pa pátápátá kò ní rí iṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ àyè iṣẹ́ tó dára kì í dé inú ìwé ìròyìn rárá. Èèyàn ló ń gbọ́ ọ fún èèyàn. Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni láti mọ ẹni tí a máa bá sọ̀rọ̀, kí a sì mọ ohun tí a máa sọ fún un.

Ní ti ẹni tí a máa bá sọ̀rọ̀, ìwádìí kan wà tó yẹ ní mímọ̀. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, fọ̀rọ̀ wá àwọn ọkùnrin kan lẹ́nu wò ní ìlú Newton, nítòsí Boston, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́. Lára àwọn tó jẹ́ pé èèyàn ló júwe iṣẹ́ fún wọn, nǹkan bí 17 nínú 100 péré ló ń rí ẹni náà lemọ́lemọ́. Nǹkan bí 56 nínú 100 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 28 sì ń ṣe bí ẹni tí kì í rí i mọ́ rárá. Ó tẹ èyí jáde ní 1973, wọ́n sì ń tọ́ka sí i títí dòní. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ wa gbọ́, àwa náà ti gbọ́ ọ, torí agbo kan náà la jọ wà. Ojúlùmọ̀ tó wà lókèèrè ló ń gbọ́ ohun tí kò tíì dé etí wa.

Fún ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀gá mọ̀, àǹfààní kejì tún wà níbẹ̀. Ojúlùmọ̀ tó wà lókèèrè kò mọ ọ̀gá náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn o, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin oníṣirò owó kan ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Ìkẹjà. Ó ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, ó sì fẹ́ bọ́ sí iléeṣẹ́ tó ń kó ẹrù kiri. Ó jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, ó kọ orúkọ mẹ́rin sílẹ̀: ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ tó ti fi iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, ọ́dítọ̀ tó máa ń wá yẹ ìwé owó wọn wò lọ́dọọdún, òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń wá sí ọ́fíìsì wọn nítorí àkáǹtì iléeṣẹ́, àti ẹnìkan tí wọ́n jọ kàwé fún ìdánwò ICAN, tó wà ní iléeṣẹ́ akẹ́rù kan ní Apápá báyìí.

Lójú, ọ́dítọ̀ ló dára jù nínú wọn. Ó mọ iṣẹ́ obìnrin yìí dáadáa, ó sì ń wọ iléeṣẹ́ púpọ̀. Àmọ́ ta ló ń san owó iṣẹ́ rẹ̀? Ọ̀gá obìnrin yìí ni. Bí wọ́n bá jọ jókòó lórí ìwé ọdún tó ń bọ̀, tí ọ̀gá ní òun fẹ́ gbé ìṣirò ọjà lé obìnrin náà lọ́wọ́, ọ́dítọ̀ lè rò pé ojúṣe òun ni láti ta ọ̀gá lólobó. Bákan náà ni ti òṣìṣẹ́ báǹkì: kò ní í fi àkáǹtì iléeṣẹ́ ńlá ṣeré nítorí ẹnì kan. Èèyàn dáadáa làwọn méjèèjì. Ibi tí oúnjẹ wọn ti ń wá ni wọ́n ń ṣọ́. Ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan nìyí: ṣé ẹni yìí ń jẹun lọ́dọ̀ ọ̀gá mi? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ká kí i, ká bá a ṣeré, ká má sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún un. Nínú orúkọ mẹ́rin náà, ọ̀gá àtijọ́ àti ẹni tó wà ní Apápá ló kù.

Ohun tí a máa sọ ló kàn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn fi sífíì ránṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan." Ẹni tó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan mìíràn láti fi ṣe ju kó gbé e fún ẹlòmíràn lọ, ẹlòmíràn náà á sì gbé e lọ síwájú. Sífíì tí orúkọ iléeṣẹ́ wa àti nọ́ńbà wa wà lórí rẹ̀ á wá máa rìn kiri orí WhatsApp, a ò sì lè pè é padà mọ́.

Ìbéèrè nípa iṣẹ́ ló sàn ju ẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ lọ. Obìnrin wa lè kọ ọ́ báyìí sí ẹni tó wà ní Apápá: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀gbọ́n. Mo rántí pé ẹ ti wà nínú iṣẹ́ ẹrù kíkó báyìí. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń ṣírò owó dísù àti owó àtúnṣe ọkọ̀ síbi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí tiwa níbí kò jọ ọ́. Ṣé mo lè pè yín fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ Sátidé?" Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ojú fi lè tì í bí ọ̀gá rẹ̀ bá kà á. Lórí fóònù ni ó ti máa mọ irú èèyàn tí wọ́n ń gbà, iye tí wọ́n ń san, àti bóyá ẹnìkan fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá fúnra rẹ̀ bi í pé, "Ṣé o fẹ́ wá ni?", ìgbà yẹn ló máa dáhùn, á sì sọ ọ́ yékéyéké: "Mo lè fetí sí i, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ̀ níbi tí mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ pè mí." Ẹni tí a kò bá sọ ìyẹn fún kò mọ̀ pé àṣírí ni, a ò sì lè dá a lẹ́bi bó bá sọ ọ́.

Ìpàdé ẹgbẹ́ iṣẹ́ wúlò fún irú ọ̀rọ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. ICAN ń retí kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, ó sì ní àwọn ẹgbẹ́ àgbègbè tó ń ṣèpàdé. Ẹni tí wọ́n bá rí níbẹ̀ kò jẹ gbèsè àlàyé kankan. Àmọ́ ẹni tí kì í lọ tẹ́lẹ̀, tó wá ń lọ gbogbo ìpàdé lóṣù kan ṣoṣo, yóò pe àkíyèsí sí ara rẹ̀. Ìyípadà òjijì ló ń tú èèyàn síta. Kí á ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a ò tíì fẹ́ lọ níbìkankan ló dára jù.

Bákan náà ló rí lórí LinkedIn. Bí èèyàn bá tan "Open to work", ojú ewé yóò bi í ta ló fẹ́ kó rí i. Bó bá yan "All LinkedIn members", àmì aláwọ̀ ewé yóò yí fọ́tò rẹ̀ ká, gbogbo ọ́fíìsì á sì rí i. "Recruiters only" ni ẹni tó ń fi bò yẹ kó yàn. LinkedIn máa ń gbìyànjú láti má fi í han àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tí a wà, ṣùgbọ́n ó sọ fúnra rẹ̀ pé òun kò lè ṣèlérí pé kò ní jò. Bí wọ́n bá háyà aṣojú láti ìta láti bá iléeṣẹ́ wa wá òṣìṣẹ́, ó lè rí i. Lójú tèmi, kí èèyàn má tan án rárá ló sàn, kó kàn tún àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀, kó sì rí i pé "Notify network" wà ní pípa kó tó fi nǹkan tuntun pa mọ́. Bó bá fẹ́ máa wo ojú ewé àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ mìíràn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, "Private mode" wà. Ẹni tí kò sanwó fún LinkedIn kò sì ní lè mọ àwọn tó wo tirẹ̀ náà níwọ̀n ìgbà tó bá fi wà níbẹ̀.

Ímeèlì àti kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ kò yẹ kó dé inú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Iléeṣẹ́ ló ni wọ́n, àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà sì lè rí ohun tí a ṣe lórí wọn.

Ìkìlọ̀ kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ títí yóò fi kan wọ́n. Bí ìpolówó kan bá ní iléeṣẹ́ ńlá kan ní Ìkẹjà ń wá oníṣirò owó, tí kò sì dárúkọ iléeṣẹ́ náà, ó lè jẹ́ iléeṣẹ́ tiwa gan-an ni. Ẹni tó bá fi sífíì síbẹ̀ ti fi lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Kí á kọ́kọ́ pe aṣojú tó gbé e jáde, ká bi í pé ta ni oníbàárà rẹ̀. Bí kò bá sọ, ká fi í sílẹ̀. Ká sì sọ fún aṣojú yòówù kí ó jẹ́, nínú ìwé, pé kò gbọdọ̀ fi sífíì wa ránṣẹ́ síbìkankan láìjẹ́ pé a gbà.

Nígbà tí íntáfíù bá dé, ká gba ìsinmi ọjọ́ kan lára ìsinmi ọdún tó tọ́ sí wa. Irọ́ àìsàn lè yí padà sí wa bí ará ọ́fíìsì bá rí wa nínú kóòtù ní Victoria Island. Lábẹ́ orúkọ àwọn tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ wa, ọ̀gá àtijọ́ ni ká kọ, kì í ṣe ọ̀gá ìsinsìnyí. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló máa gbà láti dúró di ìgbà tí a bá ti gba iṣẹ́ náà kí wọ́n tó kàn sí ibi tí a wà.

Kẹ́ ẹ tó sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ fún ibi tuntun, ẹ yọ ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín àkọ́kọ́ jáde, kẹ́ ẹ wo iye ọjọ́ ìfitónilétí tó wà nínú rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé oṣù kan ni fún òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ òfin náà yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso àti iṣẹ́ ìmọ̀ sílẹ̀, bí irú obìnrin oníṣirò owó wa, ohun tó bá sì wà nínú ìwé wọn ló de wọ́n. Ẹ má sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìlérí orí fóònù. Ẹ dúró di ìgbà tí ìwé iṣẹ́ tuntun, tí iye owó oṣù àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, bá tẹ̀ yín lọ́wọ́.